Àìsí Kì í Ṣe Òfìfo: Èrò Kan Lórí Yíyàn láàrin Kọ́tílìnì àti Jáfà fún Áàpù Àkọ́kọ́

1. Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ áàpù fún fóònù Áńdíróìdì kì í yé bi olùkọ́ wọn. Ìbéèrè náà ni pé èdè wo ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Jáfà ni tàbí Kọ́tílìnì? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà kò ju gbólóhùn kan lọ. Àwọn kan á ní Jáfà ni baba, òun ni kí wọ́n kọ́ kọ́. Àwọn mìíràn á ní Kọ́tílìnì ni ayé ń lò báyìí, kí wọ́n fi Jáfà sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, èrò tiwa ni pé ìdáhùn méjèèjì kò kúnjú òṣùwọ̀n, nítorí pé àwọn èdè méjèèjì ń gbé inú ilé kan náà, ibi tí wọ́n sì ti pàdé ni ewu wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìwé àtìgbàdégbà tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀-ìperí bí irú èyí ni pé àṣìṣe tí ó máa ń wáyé ní ẹnubodè àwọn èdè méjèèjì rọ̀ mọ́ ohun kan tí àwa olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo pè, tí ó sì jẹ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. À ń pe `0` ní òfo, à ń pe `""` ní òfo, a sì tún ń pe `null` ní òfo. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní lè mọ ohun tí ó pa áàpù rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo wo bí àwọn èdè méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kí a sì ti ibẹ̀ dá àbá lórí èdè tí ó yẹ ní yíyàn àti ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní lílò.

2. Ìtàn àwọn èdè méjèèjì ní ṣókí

Ní 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé èdè Jáfà jáde. Jéémíìsì Gọ́sílìnì ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Nígbà tí àwọn fóònù Áńdíróìdì dé, Jáfà ni èdè tí a fi ń kọ áàpù wọn. Ní 2011 ni ilé-iṣẹ́ Jẹ́ẹ̀tì-Bíréènì kéde èdè tuntun kan tí wọ́n sọ ní orúkọ Kọ́tílìnì, erékùṣù kan tí ó wà lẹ́bàá ìlú Pításíbọ̀ọ̀gì ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó pé jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Ní 2017 ni ilé-iṣẹ́ Gúúgù tẹ́wọ́ gbà á gẹ́gẹ́ bí èdè fún Áńdíróìdì, nígbà tí ó sì di 2019 wọ́n kéde pé Kọ́tílìnì ni àwọn yóò máa fi ṣáájú.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó ṣẹ̀dá Kọ́tílìnì kò ní in lọ́kàn láti lé Jáfà kúrò nílùú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu pé ẹni tí ó bá ń kọ Kọ́tílìnì gbọ́dọ̀ lè lo gbogbo ohun tí a ti fi Jáfà kọ sílẹ̀, láìtún un kọ. Ìpinnu yìí ni ó jẹ́ kí èdè náà tètè tàn kálẹ̀. Òun náà ni ó sì mú ìṣòro tí à ń sọ nípa rẹ̀ wá.

3. Bí wọ́n ṣe ń gbé inú ìdáwọ́lé kan

Kí òye ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì Jáfà àti fáìlì Kọ́tílìnì bá wà nínú ìdáwọ́lé kan náà. Ètò tí ó ń sọ ohun tí a kọ di èdè tí ẹ̀rọ lè lò ni a óò máa pè ní ògbufọ̀. Ògbufọ̀ méjì ni ó wà nínú irú ìdáwọ́lé bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún èdè kọ̀ọ̀kan.

Ògbufọ̀ Kọ́tílìnì ni ó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó ń ka àwọn fáìlì Kọ́tílìnì, ó sì ń ka àwọn fáìlì Jáfà pẹ̀lú, kí ó lè mọ orúkọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì Kọ́tílìnì nìkan ni ó ń túmọ̀. Èso iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí `.class`. Lẹ́yìn èyí ni ògbufọ̀ Jáfà, tí à ń pè ní `javac`, yóò wá túmọ̀ àwọn fáìlì Jáfà. Bí ó bá rí orúkọ kan tí ó ti ọwọ́ Kọ́tílìnì wá, yóò wá a lọ sínú àwọn `.class` tí ògbufọ̀ kìn-ín-ní ti ṣe sílẹ̀. Nítorí náà, Kọ́tílìnì lè pe Jáfà, Jáfà náà sì lè pe Kọ́tílìnì, kódà bí fáìlì méjèèjì bá ń pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìkẹyìn, gbogbo `.class` ni a óò kó pọ̀ tí a óò sì sọ di `.dex`, èyí tí fóònù ń lò. Nígbà tí ó bá dé inú fóònù, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó jẹ́ ti Jáfà àti èyí tí ó jẹ́ ti Kọ́tílìnì.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò rí i pé èyí yàtọ̀ sí bí èdè ènìyàn méjì ṣe ń pàdé. Bí Yorùbá àti Faransé bá pàdé ní Kétu, ẹnì kan ní láti gbọ́ èdè ẹnì kejì, tàbí kí wọ́n wá ẹni tí yóò túmọ̀. Jáfà àti Kọ́tílìnì kò túmọ̀ ara wọn. Wọ́n kàn ń bọ́ sínú èdè kẹta kan náà ni. Nínú èdè kẹta yìí, okùn ọ̀rọ̀ tí Jáfà ń pè ní `String` àti èyí tí Kọ́tílìnì ń pè ní `String` jẹ́ ohun kan náà pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí tí ohun kan fi ń ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí pé ìmọ̀ kan wà tí Kọ́tílìnì ní nípa okùn ọ̀rọ̀ tí Jáfà kò ní. Ìmọ̀ náà ni bóyá ó sí tàbí kò sí.

4. Ohun mẹ́ta tí à ń pè ní òfo

Ẹ jẹ́ kí a fi igbá ẹyin ṣe àpèjúwe. Bí mo bá gbé igbá kan kalẹ̀ tí n kò fi ẹyin kankan sí i, tí mo sì bi yín pé, “Ẹyin mélòó ni ó wà nínú igbá?”, ẹ óò dá mi lóhùn pé òdo. Igbá náà wà, ó ṣófo ni. Ṣùgbọ́n bí n kò bá gbé igbá kankan kalẹ̀, tí mo sì bi yín ní ìbéèrè kan náà, ẹ kò ní sọ pé òdo. Ẹ óò bi mí padà pé, “Igbá wo?” Ìbéèrè náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. `0` jẹ́ nọ́ńbà, a sì lè fi kún nọ́ńbà mìíràn. `""` jẹ́ okùn ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú, a sì lè bèèrè gígùn rẹ̀, òdo ni yóò sì dáhùn. `null` kò jẹ́ nọ́ńbà, kò sì jẹ́ okùn ọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé orúkọ wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Bí a bá bèèrè gígùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò bi wá padà pé, “Igbá wo?” Ohùn tí ó fi ń bèèrè ni `NullPointerException`, áàpù náà yóò sì dákú lójú ẹsẹ̀ bí a kò bá pèsè sílẹ̀ fún un.

Tónì Họ̀ọ̀, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ohun yìí sínú èdè kọ̀ǹpútà ní 1965, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè tí a ń pè ní Álígọ̀ọ̀lù W. Ní 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe tí ó ti náni tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Jáfà jogún un. Nínú Jáfà, gbogbo orúkọ tí irú rẹ̀ jẹ́ `String` lè tọ́ka sí okùn ọ̀rọ̀, ó sì lè máà tọ́ka sí nǹkan kan, ògbufọ̀ kò sì ní bèèrè. Kọ́tílìnì yàn láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá kọ `String`, ohun náà gbọ́dọ̀ sí. Bí a bá kọ `String?`, ó lè sí, ó sì lè ṣàìsí, ògbufọ̀ kò sì ní jẹ́ kí a bèèrè gígùn rẹ̀ títí a ó fi sọ ohun tí a fẹ́ ṣe bí kò bá sí.

Láti ara àlàyé yìí ni a ti rí i pé orúkọ mẹ́ta ni a nílò, Yorùbá sì ní wọn nílẹ̀. Kí a pe `0` ní òdo, kí a pe `""` ní okùn òfìfo, kí a sì pe `null` ní àìsí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kò ṣòro láti dá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àì- ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú àìsàn àti àìmọ̀. Ó sì ní àǹfààní pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ wà láàyè. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé “ó sí”, “kò sí”, “ó lè ṣàìsí”, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì bá ara mu. Òfo kò fún wa ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣófo ti sí ná kí ó tó ṣófo.

5. Àpẹẹrẹ kan: áàpù tí ó dákú

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fẹ́ kọ áàpù àkọ́kọ́ rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ ni kí ènìyàn lè tẹ ọ̀rọ̀-ìperí kan sínú fóònù kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jáde. Ẹnì kan ti fi Jáfà kọ apá tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì fi Kọ́tílìnì kọ ojú áàpù náà. Ìpinnu rere ni èyí. Apá ti Jáfà rí báyìí ní ṣókí:

```java
public class Atumo {
    private final Map<String, String> akojo = new HashMap<>();

    public String wa(String oro) {
        return akojo.get(oro);
    }
}
```

Apá ti Kọ́tílìnì, níbi tí ó ti fẹ́ kí lẹ́tà kéré sí i bí ìtumọ̀ bá gùn, rí báyìí:

```kotlin
val itumo = atumo.wa(oro)
if (itumo.length > 80) letaKekere()
```

Ó dán an wò nínú fóònù tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan ní Òṣogbo. Olùkọ́ náà tẹ “ẹ̀rọ”, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ pé ó wà nínú àkójọ, áàpù sì dákú. Nígbà tí a fi ìwé ìròyìn àṣìṣe hàn án, tí ó rí `NullPointerException`, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ má bínú, sà, èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kọ́tílìnì ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n ní òfo kò lè pa Kọ́tílìnì.”

Ibi ọ̀nà méjì ni a ní láti wá àlàyé sí. Èkíní ni ìdí tí a kò fi rí ọ̀rọ̀ náà. Lójú ènìyàn, “ẹ̀rọ” kan náà ni ó wà nínú àkójọ àti lójú fóònù olùkọ́. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ, lẹ́tà ẹ pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ. Kííbọ́ọ̀dù olùkọ́ ní tirẹ̀ kọ e lọ́tọ̀, ó kọ àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó tó wá fi àmì ohùn sí i. Ọ̀kan jẹ́ àmì mẹ́rin, èkejì jẹ́ mẹ́fà. Fún Jáfà àti Kọ́tílìnì bákan náà, okùn ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ áàpù fún èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro yìí pàdé lọ́jọ́ kan.

Èkejì ni ìdí tí àìrí ọ̀rọ̀ fi pa áàpù. Iṣẹ́ `get` inú Jáfà máa ń dá `null` padà bí kò bá rí ohun tí a ní kí ó wá. `wa` gba àìsí yìí, ó sì fi lé Kọ́tílìnì lọ́wọ́ lábẹ́ orúkọ `String`. Kí ni Kọ́tílìnì ṣe? Kò kà á sí `String`, kò sì kà á sí `String?`. Ó kà á sí irú kẹta tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń kọ báyìí: `String!`. Ìtumọ̀ àmì ìyanu yìí ni pé, “Ọ̀dọ̀ Jáfà ni ó ti wá, n kò mọ̀ bóyá ó sí. Ìwọ tí o pè é ni kí o mọ̀.” Bí Kọ́tílìnì bá ti ka gbogbo ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ Jáfà wá sí ohun tí ó lè ṣàìsí, iṣẹ́ ìyẹ̀wò ìbá pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè fara dà. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún irú ohun bẹ́ẹ̀. Àbá wa ni pé kí a máa pe irú yìí ní irú aláìdájú.

Ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ `String!` sínú ètò, èyí sì ni ó jẹ́ kí ó ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Nínú Android Studio, bí a bá gbé ìtọ́ka sórí `itumo` tí a sì tẹ `Ctrl+Shift+P` lórí ẹ̀rọ Wíńdóòsì, irú rẹ̀ yóò hàn pẹ̀lú àmì ìyanu náà. Ibi yòówù tí a bá ti rí i, ẹnubodè ni a dúró sí.

6. Ìwòsàn rẹ̀

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí ó sọ fáìlì Jáfà di Kọ́tílìnì. Android Studio ní ohun èlò kan tí ó ń ṣe èyí, orúkọ rẹ̀ ni `Convert Java File to Kotlin File`. Kò burú, ṣùgbọ́n a kò gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní àkókò yẹn. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí àìsí ti ń wọlé yóò kàn máa fi `!!` sí ibi gbogbo tí ògbufọ̀ bá ti pariwo, kí ariwo lè dákẹ́. Ìtumọ̀ `!!` ni pé, “Mo búra pé ó sí.” Ẹni tí ó bá búra lórí ohun tí kò mọ̀ kò tíì wo nǹkan kan sàn. Áàpù yóò dákú bí ó ti ń dákú tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a ní kí ó ṣe ni kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ Jáfà, kí ó sì sọ òtítọ́ níbẹ̀. Jáfà kò ní àmì `?`, ṣùgbọ́n ó ní àlẹ̀mọ́, èyí tí ògbufọ̀ Kọ́tílìnì ń kà:

```java
@Nullable
public String wa(@NonNull String oro) {
    return akojo.get(IranwoKt.tunOroTo(oro));
}
```

Inú `androidx.annotation` ni àlẹ̀mọ́ méjèèjì yìí ti wá. Bí a ti fi `@Nullable` sí i báyìí, Kọ́tílìnì kò ka ohun tí `wa` ń dá padà sí aláìdájú mọ́, `String?` ni ó kà á sí. Kí a tó gbé áàpù sínú fóònù rárá ni ògbufọ̀ ti kọ ìlà `itumo.length`, ó ní `Only safe (?.) or non-null asserted (!!.) calls are allowed`. Àṣìṣe tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo lánàá ti wá hàn lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Ó wá tún ìlà kìn-ín-ní rẹ̀ kọ báyìí:

```kotlin
val itumo = atumo.wa(oro) ?: "Kò sí nínú àkójọ"
```

Ẹ óò ti ṣàkíyèsí `IranwoKt.tunOroTo` nínú Jáfà òkè yìí. Òun ni ó wo apá kìn-ín-ní ìṣòro náà sàn. Iṣẹ́ kékeré kan ni, Kọ́tílìnì ni a sì fi kọ ọ́ sínú fáìlì `Iranwo.kt`:

```kotlin
fun tunOroTo(oro: String): String =
    Normalizer.normalize(oro, Normalizer.Form.NFC)
```

Iṣẹ́ yìí ń sọ “ẹ̀rọ” alámì mẹ́fà di alámì mẹ́rin. A gbọ́dọ̀ lò ó fún àkójọ náà nígbà tí à ń kó ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí a sì tún lò ó fún ohun tí òǹlò tẹ̀. Nínú Jáfà, iṣẹ́ kò lè dá dúró láìní kíláàsì, nítorí náà Kọ́tílìnì ti orúkọ fáìlì ṣẹ̀dá kíláàsì `IranwoKt` fún un. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò wá `tunOroTo` títí nínú Jáfà kò ní rí i. Ojú áàpù tí ó jẹ́ Kọ́tílìnì wá ń pe `Atumo` tí ó jẹ́ Jáfà, `Atumo` sì ń pe `Iranwo` tí ó jẹ́ Kọ́tílìnì. Ìjọgbépọ̀ tí à ń wí náà nìyẹn.

Ẹnubodè yìí ní ìhà kejì pẹ̀lú. Bí Jáfà bá fi `null` ránṣẹ́ sí `tunOroTo`, ògbufọ̀ Jáfà kò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n Kọ́tílìnì ti fi oníbodè sí ẹnu-ọ̀nà iṣẹ́ náà nígbà tí ó ń túmọ̀ rẹ̀. Bí áàpù bá ń ṣiṣẹ́, oníbodè yìí yóò kọ̀ ọ́, yóò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé `Parameter specified as non-null is null`. Ẹni tí ó bá rí gbólóhùn yìí kí ó má ṣe wá ẹ̀bi nínú iṣẹ́ Kọ́tílìnì náà. Kí ó lọ wo ẹni tí ó pè é.

7. Èdè wo, nígbà náà?

Èrò tiwa ni pé Kọ́tílìnì ni kí ẹni tí ó ń kọ áàpù Áńdíróìdì àkọ́kọ́ fi kọ ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń kọ. Ìdí méjì ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti ń sọ bọ̀: ó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ìbéèrè àìsí kí ó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èkejì ni pé ọ̀nà tuntun tí a fi ń ṣe ojú áàpù, tí à ń pè ní Jetpack Compose, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó pé jáde ní 2021, kò ṣeé fi Jáfà kọ. Ògbufọ̀ Kọ́tílìnì ni ó ní láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sórí Jáfà nìkan lè máa lo ọ̀nà àtijọ́, ọ̀nà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò dúró síta bí àwọn yòókù ti ń wọlé.

Síbẹ̀, a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má wo Jáfà rárá. Kò sí áàpù Áńdíróìdì tí kò ní ẹnubodè. Púpọ̀ nínú ohun tí Áńdíróìdì fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni a fi Jáfà kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àkójọ iṣẹ́ tí à ń yá lò. Ẹni tí kò bá lè ka Jáfà kò lè mọ ibi tí àìsí ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kíkà ni a sọ, a kò sọ pé kí ó máa fi í kọ̀wé. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ka èdè kan láti ṣèwádìí, tí kò sì ní fi í kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni láé.

A sì mọ ibi tí èrò wa parí sí. Bí ìdáwọ́lé kan bá jẹ́ Jáfà látòkèdélẹ̀, tí àwọn tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ kò mọ èdè mìíràn, fífi fáìlì Kọ́tílìnì kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò dá ẹnubodè sílẹ̀ níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ Jáfà bíi ti àwọn ará ilé, kí ó sì fi àlẹ̀mọ́ sí gbogbo ohun tí ó lè ṣàìsí.

8. Ìkádìí

Ohun tí ó kù ni bí a óò ṣe máa ka àwọn àmì wọ̀nyí sókè nínú kíláàsì. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè kà ní èdè rẹ̀ ni yóò lè rò. Àbá wa nìyí. Kí a ka `String` sí okùn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ sí, kí a ka `String?` sí okùn ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣàìsí, kí a sì ka `String!` sí okùn ọ̀rọ̀ aláìdájú. Kí a ka `?.` sí “bí ó bá sí”, kí a ka `?:` sí “bí kò bá sí, lo èyí”, kí a sì ka `!!` sí “mo búra pé ó sí”. A ti gbìyànjú èyí pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ó ka ìlà tirẹ̀ sókè tí ó dé ibi `!!`, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Sà, n kò lè búra sí èyí,” ó sì pa á rẹ́.

Bí àwọn olùkọ́ tí ó ń ka ìwé yìí bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju àìsí lọ, inú wa yóò dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òfo sílẹ̀ fún igbá tí ó wà nílẹ̀.